VLOOKUP ń kọ #N/A, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà náà wà lójú mi kedere

Akọ̀wé Àjẹṣẹ́kù (Bódìjà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Èmi ni mo ń ṣe ìwé owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Bódìjà. Ṣíìtì Excel méjì ni mo ní. Omo_Egbe ni nọ́ńbà àti orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ 231 wà. Isanwo ni èyí tí mo ṣe àdàkọ rẹ̀ láti ojú-ewé tí àwọn èèyàn ń gbà sanwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìlà 214 ló ní. Mo fẹ́ kí orúkọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan:

```
=VLOOKUP(A2,Omo_Egbe!$A$2:$B$232,2,FALSE)
```

Ìlà 9 péré ló gbé orúkọ jáde. #N/A ni gbogbo ìyókù. Bẹ́ẹ̀ 1047 wà níbí, 1047 wà lọ́hùn-ún, mo fi ojú ara mi rí i. Mo ti yí kọ́lọ́ọ̀mù náà sí Number, kò gbọ́. Ọ̀la ni ìpàdé wa. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ọmọ Gbági

Kọ́lọ́ọ̀mù yẹn ló fún jù. Ẹ lọ sí òkè, láàárín lẹ́tà A àti B, kí ẹ tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Á fẹ̀ fúnra rẹ̀, nọ́ńbà á sì hàn. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mò ń ka ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù.

Akọ̀wé Àjẹṣẹ́kù

Ẹ ṣeun sà, àmọ́ ##### lẹ ń sọ yẹn. #N/A ni tèmi.

Ọmọ Gbági

Háà. Mo sáré kà á ni. Ẹ má bínú.

Súnkẹ́rẹ́

Kí lẹ tún ń da ara yín láàmú sí? Ẹ fi IFERROR bò ó, ojú-ìwé á mọ́ tónítóní kí ilẹ̀ tó mọ́:

```
=IFERROR(VLOOKUP(A2,Omo_Egbe!$A$2:$B$232,2,FALSE),"")
```

Bàbá Òǹkà (Àpẹtẹ̀)

Súnkẹ́rẹ́, ìwọ náà rò ó wò. Àwọn 205 tó sanwó á wá di aláìlórúkọ níwájú Alága, akọ̀wé ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ àṣìṣe àti èyí tí ẹni náà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ lóòótọ́. IFERROR ní àyè tirẹ̀. Ìgbà tí a bá ti mọ ohun tó fa #N/A ni àyè náà.

Akọ̀wé, mo ní ìbéèrè kan. Ìlà 9 tó gbé orúkọ jáde yẹn, ṣé ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ tẹ nọ́ńbà inú wọn?

Akọ̀wé Àjẹṣẹ́kù

Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀? Lóòótọ́ ni. Àwọn tó fi káàṣì san nínú ọ́fíìsì ni, èmi ni mo tẹ̀ wọ́n síbẹ̀.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Sípéèsì ló lẹ̀ mọ́ ìdí nọ́ńbà tí ẹ ṣe àdàkọ rẹ̀, ojú kì í rí i. Ohun tí mo máa ń fi tún orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe nìyí, kò já mi kulẹ̀ rí. Ẹ lo TRIM:

```
=VLOOKUP(TRIM(A2),Omo_Egbe!$A$2:$B$232,2,FALSE)
```

Ó parí.

Akọ̀wé Àjẹṣẹ́kù

Mo gbìyànjú ẹ̀, ma. #N/A náà ni. Àwọn 9 tó ń jáde tẹ́lẹ̀ gan-an ti di #N/A báyìí. Ó wá burú sí i.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Kò ṣeé ṣe. Ṣé ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa?

Bàbá Òǹkà

Ó ṣeé ṣe, Tíṣà, ohun tí akọ̀wé sì sọ gbẹ̀yìn yẹn wúlò ju ohun tó kù lọ. Ìwọ gba ìdajì rẹ̀. Nǹkan méjì ló pàdé lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí a bá sì yanjú ọ̀kan, èkejì ò ní jẹ́ ká mọ̀ pé a ti ṣe nǹkan kan.

Akọ̀wé, wá ìlà tí 1047 wà nínú Isanwo, ká ní A2 ni. Wá tirẹ̀ nínú Omo_Egbe, ká ní A48 ni. Tẹ mẹ́rin yìí sínú sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó ṣófo, kí o sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mú wá:

```
=LEN(A2)
=LEN(Omo_Egbe!A48)
=ISTEXT(A2)
=CODE(RIGHT(A2,1))
```

Akọ̀wé Àjẹṣẹ́kù

Àkọ́kọ́ 5. Ìkejì 4. Ìkẹta TRUE. Ìkẹrin 160.

Bàbá Òǹkà

Ó dáa. Jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ńbà oníhòòrò mẹ́rin ni 1047, àmọ́ LEN ka márùn-ún. Nǹkan kan jókòó sí ìdí rẹ̀ tí ojú ò rí. CODE wá sọ irú ẹni tó jókòó. Sípéèsì tí a ń tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, 32 ni nọ́ńbà rẹ̀. Tìrẹ jẹ́ 160. Sípéèsì mìíràn nìyẹn, àwọn tó ń ṣe ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń lò ó kí ìlà má bàa já síbi tí wọn ò fẹ́. Tí èèyàn bá ṣe àdàkọ láti ojú-ewé bẹ́ẹ̀, á bá a wọlé. TRIM ò mọ̀ ọ́n rárá: 32 nìkan ló ń gé. Ìdí tí TRIM Tíṣà fi bá orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì ṣiṣẹ́ nìyẹn, nítorí pé orí kíbọ́ọ̀dù ni sípéèsì tiwọn ti wá.

Ìyẹn ni ọ̀kan. Kí a yọ ọ́ ná. Nínú kọ́lọ́ọ̀mù tó ṣófo, ká ní D:

```
=TRIM(SUBSTITUTE(A2,CHAR(160)," "))
```

Ó ń sọ 160 di sípéèsì lásán, TRIM á wá gé e. Lẹ́yìn náà, fi LEN wo D2, kí o sì fi D2 sí ibi A2 nínú VLOOKUP rẹ àkọ́kọ́. Mo mọ ohun tí wàá bá níbẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ kí o rí i fúnra rẹ.

Akọ̀wé Àjẹṣẹ́kù

LEN ti di 4, ayọ̀ ti ń mú mi. Mo wá ṣe VLOOKUP: #N/A!! Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo tún fi COUNTIF wò ó bóyá ó wà níbẹ̀ lóòótọ́:

```
=COUNTIF(Omo_Egbe!$A$2:$A$232,D2)
```

COUNTIF ní 1. Òun rí i, VLOOKUP ò rí i. Èwo ló ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì?

Bàbá Òǹkà

Kò sí èyí tó parọ́. Ibi tí mò ń bọ̀ nìyí gan-an, ibẹ̀ ni ilẹ̀ sì ti máa ń mọ́ bá ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ìwé.

Lójú Excel, 1047 tí a lè fi kún nǹkan àti "1047" tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán kì í ṣe nǹkan kan náà. Ìwọ ò rí ìyàtọ̀, nítorí ìrísí wọn kan náà ni lójú ìwé. Tẹ èyí síbikíbi:

```
="1047"=1047
```

FALSE ni yóò sọ. Bí VLOOKUP ṣe ń wò ó nìyẹn: ọ̀rọ̀ ló gbé lọ síbi tí nọ́ńbà wà, kò rí ìkejì rẹ̀. COUNTIF ò le tó bẹ́ẹ̀. Tó bá rí ọ̀rọ̀ tó jọ nọ́ńbà, á kà á sí nọ́ńbà kó tó wá a. Nítorí náà, COUNTIF ò tó ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ yìí. Tó bá sọ 1, tí VLOOKUP sì sọ #N/A, ọ̀rọ̀ ti pàdé nọ́ńbà nìyẹn, o lè gbé owó lé e.

Ìyẹn náà ló fà á tí TRIM fi ba àwọn 9 tó dára jẹ́. Nọ́ńbà gidi ni wọ́n, o fọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Ohunkóhun tó bá gba inú TRIM tàbí SUBSTITUTE kọjá, ọ̀rọ̀ ló ń dà.

Ìdí tí yíyí kọ́lọ́ọ̀mù sí Number ò fi gbọ́ kò jìnnà síbẹ̀. Aṣọ lo pààrọ̀ fún un, ẹni tó wà nínú aṣọ ò yí padà. Báyìí ni kí o ṣe D2:

```
=VALUE(TRIM(SUBSTITUTE(A2,CHAR(160)," ")))
```

Fà á dé ìsàlẹ̀ gbogbo ìlà 214 náà, kí VLOOKUP máa wo D. Má gbìyànjú VALUE láìyọ 160 kúrò o, #VALUE! ni yóò fún ọ.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ó dáa, Bàbá, mo gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ló dé tí ojú ò fi lè mọ̀ ọ́n? Wọ́n kọ́ wa pé nọ́ńbà máa ń fara ti ọ̀tún sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ á fara ti òsì.

Bàbá Òǹkà

Òótọ́ ni, tí ẹnikẹ́ni ò bá ti fọwọ́ kan bí wọ́n ṣe tò ó. Mo fura pé akọ̀wé ti kó gbogbo rẹ̀ sí àárín kó lè lẹ́wà.

Akọ̀wé Àjẹṣẹ́kù

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. 😂 Àárín ni gbogbo rẹ̀ wà lóòótọ́. Mo yọ ọ́ báyìí, ọ̀tún ni Omo_Egbe lọ, òsì ni Isanwo lọ, àfi 9 tèmi. Mo sì rí mẹ́rin nínú Omo_Egbe tí wọ́n lọ sí òsì pẹ̀lú àmì aláwọ̀ ewé kékeré lórí.

Àbájáde VALUE: 207 ti gbé orúkọ jáde! Ó ku 7. Mẹ́fà jẹ́ #N/A, ọ̀kan jẹ́ #VALUE!.

Fóònù Ìwó Róòdù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Mo fi VALUE yín ṣe tèmi báyìí, ó sì ti bà mí lọ́jà jẹ́. Fóònù àti síìmù ni mò ń tà. Nọ́ńbà oníbàárà mi tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, òdo ti fò lọ lórí rẹ̀. Hóòrò 11 ló yẹ kó jẹ́, LEN ní 10. Nọ́ńbà tó wà lára síìmù pàápàá ti di nǹkan tó ní E+ nínú.

Bàbá Òǹkà

Ọ̀rọ̀ tìrẹ yàtọ̀, ọ̀gá oníṣòwò, má ṣe ohun tí akọ̀wé ṣe. Nọ́ńbà tí òdo bá ṣíwájú rẹ̀ kì í ṣe iye, orúkọ ló jẹ́. VALUE á jẹ òdo náà, nítorí lójú ìṣirò 080 àti 80 kò yàtọ̀.

Ti síìmù tún le jù bẹ́ẹ̀. Hóòrò 15 ni Excel lè gbé nínú nọ́ńbà kan. IMEI fóònù jẹ́ 15, ó kàn bá a mu: o lè rí E+ lójú sẹ́ẹ̀lì, àmọ́ hóòrò kankan ò sọnù, fi Number wò ó láìsí dẹ́símà. Nọ́ńbà ara síìmù lé ní 15. Gbogbo hóòrò tó bá wà lẹ́yìn ìkẹẹ̀ẹ́dógún, òdo ló ń sọ wọ́n dà, kò sì sí fọ́múlà tó lè dá wọn padà. Padà sí fáìlì tí o ti mú un wá. Kí o tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣíìtì, yí kọ́lọ́ọ̀mù sí Text ná.

Má sì fi COUNTIF wá àwọn síìmù tó jọra o. Ìwà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, pé ó ń ka ọ̀rọ̀ sí nọ́ńbà, á jẹ́ kó sọ pé síìmù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà tí hóòrò 15 àkọ́kọ́ wọn bá ti dọ́gba.

Fóònù Ìwó Róòdù

Yé è! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bá ọmọ iṣẹ́ mi jà pé ó kọ síìmù kan lẹ́ẹ̀mejì. COUNTIF ni mo fi mú un. Jẹ́ kí n lọ bẹ̀ ẹ́.

Súnkẹ́rẹ́

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni mo bá wí báyìí, Bàbá. Kí ló dé tí akọ̀wé ò fi sọ méjèèjì di ọ̀rọ̀? Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ náà, orúkọ ni. Kò sẹ́ni tó ń ro 1047 pọ̀ mọ́ 1048. Lọ́dún tó ń bọ̀ tí wọ́n bá ní kí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ láti 0001 ńkọ́?

Bàbá Òǹkà

Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ yìí, ó dára ju IFERROR rẹ lọ. Ó ṣeé ṣe. Akọ̀wé á fi `&""` sẹ́yìn nọ́ńbà láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Àmọ́ inú Omo_Egbe ló ti máa bẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kan gbogbo 231, títí lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ nọ́ńbà tuntun sínú sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe Text, ẹni yẹn ti tún bà á jẹ́. Fún ìpàdé ọ̀la, tí àwọn tó wà nínú Omo_Egbe fi jẹ́ nọ́ńbà tẹ́lẹ̀, VALUE ló yá jù. Èmi ò ní ṣe é bí tìrẹ, àmọ́ mi ò lè sọ pé o ṣìnà.

Súnkẹ́rẹ́

Èmi á ṣe é bí tèmi.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Mo ti rí ọ̀nà kan tí kò nílò kọ́lọ́ọ̀mù D. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán an wò lórí ṣíìtì tèmi. Ẹ tẹ sẹ́ẹ̀lì kan tó ní sípéèsì burúkú yẹn, ẹ lọ sí ibi tí fọ́múlà ń hàn lókè, ẹ fi máòsì mú hóòrò ìkẹyìn tí kò hàn yẹn nìkan, kí ẹ ṣe àdàkọ rẹ̀. Ẹ wá mú kọ́lọ́ọ̀mù A, ẹ tẹ Ctrl+H, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Find what, ẹ má fi nǹkan kan sínú Replace with, kí ẹ tẹ Replace All. Sípéèsì lọ, nọ́ńbà sì di nọ́ńbà gidi lẹ́ẹ̀kan náà!

Bàbá Òǹkà

Tíṣà, mo júbà. Ó dára, nítorí Excel máa ń tún sẹ́ẹ̀lì kà bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ń ṣe Replace. Tí kọ́lọ́ọ̀mù bá ti jẹ́ Text tẹ́lẹ̀, sípéèsì á lọ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni yóò ṣì jẹ́. Ọ̀gá oníṣòwò Ìwó Róòdù, má dán an wò lórí nọ́ńbà 080 rẹ tó wà nínú General.

Akọ̀wé, ó ku 7 tìrẹ. Mẹ́rin inú Omo_Egbe tó lọ sí òsì yẹn, wo ibi fọ́múlà. Mo rò pé wàá rí àmì yìí ' ṣáájú nọ́ńbà. Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n ló sọ wọ́n di ọ̀rọ̀. Mú wọn, tẹ àmì aláwọ̀ ewé, yan Convert to Number. Ti #VALUE!, wò ó dáadáa, nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe nọ́ńbà.

Akọ̀wé Àjẹṣẹ́kù

Mẹ́rin ti jáde! Àmì ' ló wà níwájú wọn lóòótọ́. Akọ̀wé tó ṣáájú mi ló fi sílẹ̀, Ọlọ́run á bi í.

#VALUE! yẹn, mo tẹjú mọ́ ọn títí. 1O52 ni. Lẹ́tà O ni ẹni tó sanwó tẹ̀ dípò òdo. Mo fi òdo sí i, ó gbé orúkọ jáde.

Ó wá ku méjì: 1240 àti 1312. Omo_Egbe ò kọjá 1231.

Bàbá Òǹkà

#N/A ti àwọn yẹn ń sọ òtítọ́. Má wá fọ́múlà tó máa pa á lẹ́nu mọ́. Lọ wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó jẹ́ bébà.

Ohun kan tó kù: ṣe àdàkọ D, kí o fi Paste Special, Values, lẹ̀ ẹ́ lé A lórí, kí VLOOKUP padà máa wo A. Tí o bá pa D rẹ́ láìṣe bẹ́ẹ̀, #REF! ni gbogbo ìlà máa kọ, wàá tún padà wá síbí ní aago méjìlá òru.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Kí ẹ tó lọ, ṣé kò ní dáa kí ó máa fi orúkọ wá wọn dípò nọ́ńbà?

Bàbá Òǹkà

Rárá o. Lẹ́tà ńlá àti kékeré ò da VLOOKUP láàmú, àmọ́ Ṣadé àti Sade, èèyàn méjì ni wọ́n lójú rẹ̀. Mélòó ni ó máa tún ṣe nínú 231? Kí ó dúró lórí nọ́ńbà.

Akọ̀wé Àjẹṣẹ́kù (ọjọ́ kejì)

Ẹ kú àná o. Ìpàdé lọ dáadáa. 1240 jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun tí a kọ sínú bébà tí a ò tíì tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. 1312 ò sí níbì kankan. Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta ní ìpàdé, kò sẹ́ni tó dáhùn. ₦5,000 ni ẹni náà san. Alága ní kí n fi sílẹ̀ bí #N/A títí olówó á fi yọjú.

Ọmọ Gbági

Tí kò bá yọjú, ẹ kàn mí lára. Èmi ni 1312.